Kábíyèsí o! Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ta ní ààfin, ta sì ni kò ní ṣe é?

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gonzagueville, ní agbègbè Port-Bouët nílùú Abidjan, á ti mọ díẹ̀ nípa bí àwọn Akan tó yí i ká ṣe ń gba àlejò. Wọ́n á fún un ní ìjókòó, wọ́n á bu omi fún un, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á tó béèrè "ìròyìn" lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé e wá. Tó bá jẹ́ ilé ọba ni, agbẹnusọ tó mú ọ̀pá dání ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò, tí á sì gbé e dé etí ọba.

Àmọ́ ká ní ọmọ yìí tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ wálé sí Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan ti ṣẹ̀ wá, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì nínú ọjà ìlú náà. Wọ́n wá ní kó wá kí Ògìyán ní ààfin. Níbí, ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ìbéèrè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń bi àwọn òbí rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni pé: "Ṣé dandan ni kí n dọ̀bálẹ̀?" Ìbéèrè náà ti wà tipẹ́. Ẹnìkan ti bèèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ààfin Aláàfin ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Òyìnbó tó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀

Ní oṣù Kínní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi láti Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí àwọn àlejò ìgbà náà ń pè ní Katunga. Badagry ló gbà wọlé, Richard Lander tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláàfin Májòtú ló wà lórí ìtẹ́. Clapperton nílò ojú rere ọba náà kó tó lè kọjá sí ìhà àríwá.

Kó tó dé iwájú ọba ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Báwo ni àlejò yìí ṣe máa kí Aláàfin? Ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣe nígbà náà le ju ohun tí à ń rí lónìí lọ. Wọ́n á bọ́ aṣọ dé ìbàdí, wọ́n á na gbogbo ara sílẹ̀, wọ́n á fi àyà àti ojú kan ilẹ̀, wọ́n á sì máa bu iyẹ̀pẹ̀ sórí ara wọn.

Clapperton ní òun ò ní ṣe é. Ó ní tí wọ́n bá fi dandan lé e, òun á yí padà sí ibi tí òun ti wá. Ohun tí òun lè ṣe ni pé kí òun ṣí àkẹtẹ̀ orí òun, kí òun tẹrí ba, kí òun sì bọ ọba lọ́wọ́ bí ọba bá fẹ́. Wọ́n gbà fún un. Ìwé ìrìnàjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn tó ti kú sí Sókótó, ló jẹ́ ká mọ bó ṣe lọ.

Kí ló dé tí Aláàfin fi gbà? Èrò tèmi ni pé ó yé àwọn ará ààfin dáadáa pé ìjòyè àti àlejò kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ara wọn. Ọwọ́ ọba ni ìjòyè ti gba oyè. Tó bá sùn sílẹ̀ tó bu iyẹ̀pẹ̀ sórí, ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ yín ni ohun tí mo ní wà. Clapperton kò gba oyè lọ́wọ́ Aláàfin, kò sì sin ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un láyè.

Ẹ kíyè sí i pé ó ṣì ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ò kúrò nílẹ̀ títí di òní. Ọkùnrin tí kì í ṣe ọba kì í dé fìlà níwájú ọba.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí

Iyẹ̀pẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ fún àlejò lásán, àmọ́ ìlànà tó kù ò pọ̀ jù láti há sórí. Ẹnìkan kì í déédéé wọlé tọ ọba. Ìjòyè tàbí ìránṣẹ́ ààfin ló máa mú un wọlé, ẹni náà sì ni kí àlejò sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ fún. Fún ọmọ Gonzagueville, orúkọ agbo ilé yìí ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ilé ní Abidjan lọ, torí òun ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n.

Kó tó wọ inú ìyàrá tí ọba wà, á bọ́ bàtà, á ṣí fìlà. Tí ọba bá ti wà níjòókòó, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kan ilẹ̀. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe nílé, kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n fi ìka kan ilẹ̀, ó lè tó fún ẹ̀gbọ́n bàbá, kò tó fún ọba. Obìnrin á fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Láyé àtijọ́, obìnrin tún máa ń yíkàá, ìyẹn ni pé á fara lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn àgbà obìnrin kan ṣì ń ṣe é.

Ilẹ̀ ni á ti sọ̀rọ̀: "Kábíyèsí o!" Ìtumọ̀ tí àwọn àgbà máa ń fún un ni pé kò sí ẹni tó lè bi ọba léèrè ohun tó ṣe. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àdúrà ló máa ń tẹ̀lé e: "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Ẹni tó bá sọ pé "Kábíyèsí, báwo ni nǹkan?" ti fi ẹnu ara rẹ̀ tako ara rẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní a kì í bi wọ́n ni. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n á fi "Ikú Bàbá Yèyé" kún un, torí oríkì Aláàfin ni. Kí ọmọ Èjìgbò má gbé ìyẹn lọ fún Ògìyán.

Ibi tí àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun ti máa ń ṣìṣe ni ìdìde. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì fò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ààfin kì í kánjú. Ó dìgbà tí ọba bá juwọ́ tàbí ju ìrùkẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìjòyè bá ní "Kábíyèsí ń kí yín, ẹ dìde." Àṣìṣe kejì ni pé kí èèyàn na ọwọ́ sí ọba láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọba lè na tirẹ̀ bó bá wù ú, bí i ti Clapperton, àmọ́ àlejò kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ló mú wá, ọwọ́ ìjòyè ni kó kó o sí. Nígbà tó bá ń lọ, kó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ kó tó yí padà sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ìjókòó di ìjà

Gbogbo èyí rọrùn nínú ààfin, níbi tí onílé ti hàn gbangba. Ohun tó le ni ibi tí ọba àti ìjọba bá ti pàdé.

Ní 1953, Bode Thomas, agbẹjọ́rò àti ọ̀kan lára àwọn òléwájú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́. Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn kan náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé nígbà tí Thomas wọlé sí ìpàdé, gbogbo èèyàn dìde fún un, Aláàfin nìkan ni kò dìde. Thomas jágbe mọ́ ọba. Wọ́n ní Aláàfin bi í pé ṣé òun lò ń gbó mọ́, Thomas sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó bí ajá títí ó fi kú.

Ìyẹn ni ìtàn. Ohun tí àkọsílẹ̀ jẹ́rìí sí ni pé Bode Thomas kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1953, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ní 1954, wọ́n lé Aláàfin kúrò nílùú, wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò padà sórí ìtẹ́ kó tó kú. Ọmọ rẹ̀, Lamidi Adéyẹmí Kẹta, ló wá jọba ní ìgbẹ̀yìn, tó sì pẹ́ lórí oyè títí di 2022.

Bóyá èèyàn gba ti gbígbó gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ yé gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ. Thomas rí yàrá ìpàdé, ó sì rí ara rẹ̀ bí alága. Aláàfin rí Ọ̀yọ́, ó sì mọ ẹni tó ni Ọ̀yọ́. Oyè Balógun Ọ̀yọ́ tí Thomas jẹ́ tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, torí ìjòyè ni lójú ààfin.

Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà tún jí ní Ìsẹ́yìn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń ṣí àwọn iṣẹ́ àkànṣe kan, gómìnà Seyi Makinde sì wà níbẹ̀. Olusegun Obasanjo, ààrẹ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bínú pé àwọn ọba tó wà níjòókòó kò dìde fún gómìnà. Ó pàṣẹ kí wọ́n dìde, wọ́n dìde. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Fídíò náà dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀, Obasanjo yìí náà ni ọ̀pọ̀ ti rí nínú àwòrán tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní pápá ìjọba ni, kì í ṣe ààfin, gómìnà ló sì ni ọjọ́ náà. Àwọn tó bá a wí ní ohun tó tọ́ kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, bí kò ṣe bí ó ṣe sọ ọ́: a kì í fi àṣẹ gbé ọba dìde bí ọmọ ilé ìwé. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Ọba lè bọ̀wọ̀ fún ìjọba lórí pápá ìjọba, àmọ́ ìránṣẹ́ tàbí ìjòyè ló yẹ kó ti sọ ọ́ fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ṣáájú.

Padà sí Abidjan

Ó ku ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi àwa akọ̀ròyìn: tí ọmọ Yorùbá bá lọ kí olórí àwùjọ Yorùbá ní ìyàrá ìgbàlejò rẹ̀ ní Abidjan ńkọ́? Dídọ̀bálẹ̀ fún un kò burú rárá, àgbà ni, bí a sì ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló yẹ kí èèyàn ṣọ́. "Kábíyèsí" wà fún ẹni tó ní adé, tó sì ní ìlú. Ìbàdàn pàápàá, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ibẹ̀ títí di ọdún 1936, kó tó di Olúbàdàn. Fún olórí tí kò dé adé, "Bàbá, ẹ kú ilé o, oyè yín á tu wá lára" ti tó, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́.