Ìwakọ̀ Kọjá Ibodè, láti Ṣakí sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Awakọ̀ tó bá gba Òkèrété wọ Bẹ̀nẹ̀ láti Ṣakí gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dání. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé ń túmọ̀ ìwé tilé fún ọlọ́pàá ìlú mìíràn. Kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìdójútòfò Nàìjíríà nìkan kò tó lẹ́yìn ibodè. Káàdì Búráùn ti Ẹ́kówáàsì, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n ti ń gbà á. Bí ọkọ̀ náà bá kọlu ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, káàdì yìí ló ń sanwó ẹni tó fara pa, gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀. Kì í tún ọkọ̀ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe.