Àmì kan ṣoṣo ló jẹ máàkì mi: ìtàn CNF

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo fìdí rẹmi nínú ìbéèrè kan nítorí àmì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹ̀.

2/ Ní 1960, Martin Davis àti Hilary Putnam ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe lè yẹ fọ́múlà lọ́jíìkì wò. Wọ́n ní kí fọ́múlà kọ́kọ́ wọ aṣọ kan: "àti" ló máa so àwọn àkámọ́ pọ̀, "tàbí" nìkan ló máa wà nínú àkámọ́. Aṣọ yẹn ni CNF. Àǹfààní ẹ̀ ni pé bí àkámọ́ kan bá ti jẹ́ irọ́, gbogbo ẹ̀ ti di irọ́ nìyẹn.

3/ Ẹ wo èyí: "Bí òjò bá rọ̀ (A) tàbí iná bá lọ (B), a máa sún ìpàdé síwájú (C)."

```
(A ∨ B) → C
```

∨ ni "tàbí", ∧ ni "àti", ¬ ni "kì í ṣe".

4/ Àkọ́kọ́, ẹ yọ ọfà. "Bí X bá rí bẹ́ẹ̀, Y náà á rí bẹ́ẹ̀" kò yàtọ̀ sí "kì í ṣe X, tàbí Y".

```
¬(A ∨ B) ∨ C
```

5/ Ìkejì, ẹ ti ¬ wọ inú àkámọ́. Òfin tí wọ́n fi orúkọ De Morgan pè ló sọ pé bí ¬ bá ti wọlé, "tàbí" á di "àti".

```
(¬A ∧ ¬B) ∨ C
```

Ibí ni mo ti ṣubú! Mo fi ∨ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ dán an wò: òjò rọ̀, iná ò lọ, a ò sì sún ìpàdé. Gbólóhùn wa ti di irọ́, àmọ́ tèmi ṣì ń sọ pé òótọ́ ni.

6/ Ìkẹta, ẹ pín C fún àwọn méjèèjì.

```
(¬A ∨ C) ∧ (¬B ∨ C)
```

Ó parí. CNF rèé.

7/ Àmọ́ pípín yìí ní ewu. Ká ní ẹ ní "àti" ẹlẹ́ni méjì-méjì lọ́nà 20, tí "tàbí" so pọ̀. Bí ẹ bá pín in, àkámọ́ 1,048,576 ló máa jáde. Kọ̀ǹpútà á sunkún.

8/ Ní 1968, Grigori Tseitin, ará Soviet, gbé ọgbọ́n kan jáde: fún "àti" kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tuntun, Z.

```
(¬Z ∨ A) ∧ (¬Z ∨ B) ∧ (Z ∨ ¬A ∨ ¬B)
```

Àkámọ́ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹyọ kan tó so gbogbo Z pọ̀: 61 péré!

9/ Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Fọ́múlà tuntun yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, torí Z ti wọ̀ ọ́. Ohun tó dájú ni pé bí ọ̀kan bá ṣeé mú ṣẹ, èkejì náà á ṣeé mú ṣẹ. Ohun tí ẹ̀rọ sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ta ló ti ṣe irú àṣìṣe mi rí? Ẹ jẹ́wọ́ nísàlẹ̀ o 😂