CAPTCHA àti ètò adáṣiṣẹ́

CAPTCHA jẹ́ ìdánwò kékeré tí ibùdó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń lo òun tàbí ẹ̀rọ. Luis von Ahn, Manuel Blum, Nicholas Hopper àti John Langford gbé ìwé ìwádìí jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 2003. Ó lè jẹ́ lẹ́tà tí a lọ́ po mọ́ra, ó sì lè jẹ́ àwọn àwòrán tí a ní kí ènìyàn yàn nínú wọn. Ètò adáṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ kí kọ̀m̀pútà lè máa ṣe iṣẹ́ kan léraléra fúnra rẹ̀, sábà máa ń bá ìdánwò yìí pàdé. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà náà ni kí ó dúró, nítorí pé ẹni tí ó ni ibùdó náà ti fi hàn pé ènìyàn ni òun ń retí lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

## Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Wikipéédíà jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó rọrùn láti tẹ̀ lé. MediaWiki, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ní àfikún kan tí ń jẹ́ ConfirmEdit. Bí oníṣe tuntun bá fẹ́ fi ìjápọ̀ tí ó lọ sí ibùdó mìíràn sínú àyọkà, àfikún yìí lè béèrè CAPTCHA, nítorí pé ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tí ń gbé ìpolówó kiri máa ń gbà wọlé.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí orúkọ oníṣe lónìí, ó sì kọ ètò tí yóò fi ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àyọkà 300 nípa àwọn ìlú. Ní ìgbà àkọ́kọ́ pàá, èsì tí yóò padà wá lè rí báyìí:

```json
{"edit": {"result": "Failure",
  "captcha": {"type": "image", "id": "...", "url": "..."}}}
```

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé èsì yìí lè wá pẹ̀lú nọ́ńbà 200, èyí tí ó túmọ̀ sí pé sáfà gba iṣẹ́ náà, tí ó sì fèsì. Bí ètò bá ń wo nọ́ńbà yẹn nìkan, yóò ka àyọkà 300 sí èyí tí ó parí, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́jú ẹyọ kan. Ohun tí ó yẹ kí ó wò ni `result`: bí kò bá jẹ́ `Success`, kí ó kọ orúkọ àyọkà náà sílẹ̀, kí ó sì dẹ́kun. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdánilójú lè ṣí ìtàn àyọkà kan láti rí i bóyá àtúnṣe rẹ̀ wà níbẹ̀. Lórí àwọn ibùdó mìíràn, àmì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé gbogbo ojú-ìwé tí ètò kó jọ dọ́gba ní gígùn, nítorí pé ojú-ìwé ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn.

## Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe díẹ̀, kí ó sì dáhùn CAPTCHA tí ó bá yọjú. Lórí Wikipéédíà èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ oníṣe tí ó ti pé ọjọ́ 4, tí ó sì ti ṣe àtúnṣe 10, ni a kà sí èyí tí a ti fọwọ́ sí, a kì í sì í béèrè CAPTCHA lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nítorí ìjápọ̀. Èyí nìkan kò tó fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí ó ṣí orúkọ ọ̀tọ̀ fún bọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ó ṣàlàyé fún àwùjọ àwọn olóòtú ohun tí yóò ṣe, kí ó ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ fún wọn láti yẹ̀ wò, kí ó sì tọrọ àṣẹ bọ́ọ̀tì. Àṣẹ `skipcaptcha` wà lára ohun tí a ń fún bọ́ọ̀tì tí a bá gbà.

Ìjíròrò yìí lè dá ìṣòro kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rò tẹ́lẹ̀: àwọn olóòtú lè sọ pé ìjápọ̀ náà kò yẹ nínú àyọkà rárá. Ó sàn kí ó gbọ́ èyí lórí àyọkà 5 ju lórí 300 lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé kíkà nìkan ni ètò fẹ́ kà, kò sí ìdí láti máa ṣí ojú-ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà gbogbo àyọkà wà fún gbígbà ní `dumps.wikimedia.org`. Níbi tí irú rẹ̀ kò bá sí, kí a wá API ibùdó náà, kí a dín ìyára kù, tàbí kí a kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ín.

## Ìdí tí yíyẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kò fi dára

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ ka àwòrán náà, àwọn mìíràn a sì sanwó fún ẹni tí yóò máa bá wọn dáhùn. Ká tilẹ̀ ní ìdáhùn náà tọ̀nà, ohun tí ó mú CAPTCHA wá ṣì wà níbẹ̀. reCAPTCHA v3 kì í fi àwòrán hàn. Ó ń wo ìṣesí oníṣe, ó sì ń fún un ní máàkì láti 0.0 dé 1.0. Àmì ìdáhùn tí reCAPTCHA ń fúnni kì í lò ju ìṣẹ́jú 2 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè lò ó. Nítorí náà, ètò tí ó ń yára ju ènìyàn lọ yóò tún padà bá ìdánwò náà láìpẹ́.

Lórí Wikipéédíà, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ń hàn nínú àkójọ àwọn àtúnṣe tuntun. Alámùójútó lè dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ó sì dí orúkọ oníṣe náà lọ́nà. Bí àdírẹ́sì IP tí ó lò bá bọ́ sínú ìdínà náà, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fóònù alágbèéká ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo sin oníbàárà púpọ̀, ìyẹn ni pé àjèjì tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò náà lè fẹ́ ṣe àtúnṣe lọ́jọ́ yẹn kí ó bá ìlẹ̀kùn ní títì.