Ìdí tí fódà àjọlò tí a pa rẹ́ kì í fi í wọ Recycle Bin

Bí akọ̀wé owó bá ṣèèṣì pa fódà owó oṣù rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àgbà iléeṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò ní í bá a nínú Recycle Bin. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni Wíndòsì ń fi Recycle Bin ṣọ́. Kọ̀ǹpútà àgbà kàn ń mú àṣẹ ìparẹ́ ṣẹ lójú ẹsẹ̀ ni.

Kí ó ṣí Properties fódà tí èyí tó sọnù wà nínú rẹ̀, kí ó yan Previous Versions. Bí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá yóò wà níbẹ̀ tí yóò ṣí, tí yóò sì ti ibẹ̀ da fódà náà kọ. Bí ó bá ṣófo, ẹ̀dà tí iléeṣẹ́ fi pamọ́ síbòmíràn ló kù.