Iná, eégbọn afò àti máìtì: ìfiwéra ìgbé ayé wọn àti àrùn tí wọ́n ń fà

Iná, eégbọn afò àti máìtì jẹ́ oríṣi mẹ́ta nínú àwọn kòkòrò afòmọ́ tí ń gbé lójú ara ènìyàn àti ẹranko. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì ń mú kí ara máa yún ẹni tí wọ́n bá bà lé. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń lo ìgbé ayé rẹ̀. Iná kì í kúrò lára ènìyàn tàbí nínú aṣọ rẹ̀ láti inú ẹyin títí di ọjọ́ ikú. Eégbọn afò ń dàgbà nínú eruku ilẹ̀, ìgbà tí ó bá gbó tán ni ó tó ń wá ẹni tí yóò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Máìtì kúrúnà ní tirẹ̀ ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara, ibẹ̀ ni ó sì ń yé ẹyin sí. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń pinnu irú àrùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó ran ènìyàn, òun náà ni ó sì ń fi ibi tí a ó ti bá a jà hàn.

## Orúkọ àti ìrísí

Ní èdè Yorùbá, a máa ń lo orúkọ náà eégbọn fún ohun méjì. Èkíní ni èyí tí ń lẹ̀ mọ́ etí ajá tàbí abẹ́ màlúù, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, tí ó sì ń wú bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó. Èkejì ni kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń fò fìrì bí a bá fọwọ́ kàn án. Èkejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní eégbọn afò.

Iná àti eégbọn afò jẹ́ kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ara iná pẹlẹbẹ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní èékánná tí ó fi ń di irun tàbí fọ́nrán òwú mú. Èyí tí ó gbó tán tóbi tó hóró yánmọtí. Ara eégbọn afò pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, èyí ni ó fi lè rìn gba àárín irun ẹranko láìsí ìdíwọ́. Máìtì kì í ṣe ìbátan àwọn méjì wọ̀nyí rárá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìdílé aláǹtakùn ni ó sì ti wá. Abo máìtì kúrúnà kò gùn tó ìdajì mìlímítà kan, nítorí náà ó ṣòro púpọ̀ láti fi ojú lásán rí i.

## Iná

Iná orí máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ìdí irun, nítòsí awọ orí níbi tí ó ti móoru. Ẹyin náà a pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ọmọ iná tí ó jáde jọ ìyá rẹ̀, àfi pé ó kéré. Kò di ìdin rárá, ó kàn ń bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta ni, títí yóò fi gbó ní bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Ó lè lo oṣù kan lórí, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ sílẹ̀, kì í sábà yè ju ọjọ́ méjì lọ, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ìfarakanra orí sí orí ni ó fi ń ràn. Kò lè fò, kò sì lè tọ.

Iná aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí iná orí ní ìrísí, ṣùgbọ́n ojú rírán aṣọ ni ó ń yé ẹyin sí. Ìgbà tí ebi bá ń pa á ni ó ń wá sára. Òwe Yorùbá tí ó sọ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, fi hàn pé àwọn àgbà ti mọ ibi tí kòkòrò yìí fi ṣe ilé.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì ní ti ìlera. Iná orí ń yọni lẹ́nu, a kò sì kà á sí olùkó àrùn. Iná aṣọ ni ó ń kó ibà táífọ́ọ̀sì, èyí tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù tí omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ń fà. Ó tún ń kó ibà alápadàbọ̀, tí ń lọ tí ó sì ń padà wá. Ní 1909, Charles Nicolle, dókítà ará Faransé, ṣe àkíyèsí kan ní ìlú Túnísì. Àwọn aláìsàn táífọ́ọ̀sì ń kó àrùn ran àwọn tí ó bá wọn gbé nílé, àti àwọn tí ń gba aṣọ wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní kété tí a bá ti bọ́ aṣọ wọn tí a sì wẹ̀ wọ́n, wọn kì í ràn mọ́. Ó mọ̀ pé nínú aṣọ ni olùkó àrùn náà wà, ìdánwò rẹ̀ sì fi iná hàn. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí a fún un ní Ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 1928.

Àrùn náà kì í gba ẹnu iná wọlé. Ìgbẹ́ iná ni ó wà nínú rẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá sì ń họ ara ni ó ń gba ojú egbò wọlé. Ìdí nìyí tí táífọ́ọ̀sì fi ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà ogun, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ní àgọ́ àwọn tí ó sá kúrò nílé, níbi tí ènìyàn kò ti ní aṣọ pààrọ̀.

## Eégbọn afò

Ìgbé ayé eégbọn afò ní ìpele mẹ́rin: ẹyin, ìdin, inú àpò òwú, àti èyí tí ó gbó tán. Ẹyin rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ irun, ó ń já bọ́ síbi tí ajá, ológbò tàbí eku bá ń sùn. Ìdin tí ó jáde kì í mu ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ àwọn eégbọn tí ó ti gbó, tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ni ó ń jẹ nínú eruku. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, yóò hun àpò òwú bo ara rẹ̀. Nínú àpò yìí ó lè dúró fún oṣù mélòó kan, títí ìmìtìtì ẹsẹ̀ tàbí ooru ara yóò fi sọ fún un pé ẹlẹ́jẹ̀ ti dé. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá wọ ilé tí a ti pa tì fi lè rí i pé eégbọn bò ó lẹ́sẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí fífi oògùn wẹ ajá nìkan kì í fi í parí ọ̀rọ̀.

Nítorí pé eégbọn lè bọ́ sílẹ̀ lára ẹran kan kí ó fò mọ́ ènìyàn, àrùn ẹranko ni ó sábà ń kó. Èyí tí ó burú jù lọ ni àjàkálẹ̀ àrùn eku tí a ń pè ní pẹ́léègì. Bakitéríà rẹ̀ a máa dí ọ̀nà ọ̀fun eégbọn, ẹ̀jẹ̀ tí ó mu kò ní dé ikùn. Ebi yóò máa pa á, yóò máa buni jẹ léraléra, yóò sì máa pọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú bakitéríà padà sínú ojú ìbujẹ. Bí eku bá kú, eégbọn yóò kúrò lára òkú rẹ̀ láti wá ẹlẹ́jẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, òkú eku tí ń pọ̀ sí i nínú ilé jẹ́ àmì ewu, ó sì sábà máa ń ṣáájú kí kókó ìwúlé tó yọ ní abẹ́ itan tàbí abíyá àwọn ènìyàn. Àrùn yìí wọ ìlú Èkó ní 1924, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Jìgá náà jẹ́ ẹ̀yà eégbọn afò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ó sì dé Àǹgólà láti Bìràsíìlì ní 1872 kí ó tó tàn ká Áfíríkà. Abo rẹ̀ a máa wọ inú awọ ẹsẹ̀, ní pàtàkì ní ẹ̀bá èékánná, a sì wú tó hóró ẹ̀wà. Ewu rẹ̀ tí ó ga jù ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, bí a bá fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gbin tú u.

## Máìtì kúrúnà

Abo máìtì kúrúnà ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè awọ, ó sì ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́. Ẹyin a pa ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ tí ó jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó sì di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bí ó ti ń bọ́ awọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti gbó. Iye máìtì tí ó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tí ń yún ènìyàn ni bí ara ṣe ń gbógun ti kòkòrò náà àti ìgbẹ́ rẹ̀.

Ara kì í tètè mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Bí ó bá tún mú ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ kan sí mẹ́rin ti tó. Kúrúnà kì í kó àrùn mìíràn ràn, ṣùgbọ́n ojú ibi tí a họ ń gba bakitéríà wọlé, èyí sì lè ba kíndìnrín jẹ́, ní pàtàkì lára ọmọdé. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì.

### Àpẹẹrẹ ilé kan

Kí a wo ìyá, bàbá àti ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń sùn sínú yàrá kan. Ọmọ àárín kó máìtì láti ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lóru, nǹkan wẹ́wẹ́ sì sú sí àárín ìka ọwọ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí. Ní àkókò yẹn, ìyá tí ń wẹ̀ ẹ́ àti àbúrò tí ó bá a sùn ti ní máìtì lára fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ara kò tí ì yún wọn. Ìyá fi oògùn pa ọmọ àárín nìkan, ara rẹ̀ sì dá. Láìpẹ́, àbúrò kó o padà ràn án, ara sì ń yún un láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyá wá rò pé oògùn náà kò dára. Oògùn kò ní àbùkù: àwọn mẹ́rin tí a kò tọ́jú ni ó fa ìpadàbọ̀ rẹ̀.

Ìtọ́jú tí ó tọ́ ni kí gbogbo wọn fi ìpara pẹmẹ́tírínì onídá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ kúrò ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti ọmọ ọwọ́, orí náà ń gba ìpara. Aṣọ àti aṣọ ìbùsùn ni a ó fi omi gbígbóná fọ̀, tàbí kí a dì í sínú ọ̀rá fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé máìtì kì í sábà yè ju ìyẹn lọ láìsí ènìyàn. Ara lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí máìtì ti kú. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ìtọ́jú kùnà. Ihò tuntun tàbí nǹkan wẹ́wẹ́ tuntun tí ń sú ni ó ń fi hàn bẹ́ẹ̀.

## Ìfiwéra ní ṣókí

| | Iná | Eégbọn afò | Máìtì kúrúnà |
|---|---|---|---|
| Ibi tí ẹyin wà | Irun tàbí ojú rírán aṣọ | Eruku ilẹ̀ àti ibùsùn ẹranko | Inú awọ ara |
| Ọmọ rẹ̀ | Jọ ìyá | Ìdin tí kò jọ ìyá | Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà |
| Ibi tí ó ń yún jù | Ẹ̀yìn etí àti ẹ̀yìn orí. Ibi tí aṣọ ti fún ara | Ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun | Àárín ìka, ọrùn ọwọ́, ìbàdí |
| Àrùn pàtàkì | Táífọ́ọ̀sì àti ibà alápadàbọ̀ (iná aṣọ nìkan) | Pẹ́léègì | Kúrúnà àti egbò tí ó ń tẹ̀lé e |
| Ohun tí a ó tọ́jú | Orí, tàbí aṣọ | Ẹranko àti ilẹ̀ ilé | Gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà |