Agbègbè ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n

Ojú tẹlifíṣọ̀n LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn gílóòbù kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tàn. Wọ́n máa ń pín wọn sí agbègbè, kí ibi tó dúdú nínú àwòrán lè ṣókùnkùn bí ibòmíràn ti ń tàn. Tẹlifíṣọ̀n 4K ní ẹyọ àwòrán 8,294,400. Bí agbègbè rẹ̀ bá jẹ́ 576, agbègbè kan ló ń tanná fún ẹyọ 14,400 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ fi máa ń ṣàn yí ọ̀rọ̀ funfun ká lórí ojú dúdú, pàápàá béèyàn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nínú pálọ̀ tí oòrùn ń wọ̀, àbùkù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti bo dúdú náà. Agbára ìmọ́lẹ̀ ló ṣe kókó níbẹ̀. Níìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ iye gíga tí wọ́n ń polówó sábà máa ń jẹ́ ti ibi kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí funfun bá gba gbogbo ojú rẹ̀, iná tó ń fà àti ooru á mú kí iye náà já wálẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù tí oòrùn ràn sí sì máa ń gba gbogbo ojú. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, iye ìmọ́lẹ̀ gbogbo ojú ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè iye agbègbè.