Àdàkọ Gbòòrò àti Àdàkọ Kínníkínní Nínú Ìwé Ìwádìí Ẹ̀ka-Èdè

Henry Sweet, onímọ̀ fonẹ́tíìkì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya ọ̀nà ìdàkọ ìró méjì sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1877. Àdàkọ gbòòrò kì í kọ ju ìyàtọ̀ tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lọ. Àdàkọ kínníkínní ń kọ bí ẹnu ṣe pe ìró gan-an. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi gbòòrò bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó yá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó kọ àdàkọ gbòòrò ti ń sọ pé òun mọ fóníìmù èdè náà, kò sì sí àlejò tó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wo Èkìtì. Ilé ni Yorùbá àjùmọ̀lò, ulé ni tiwọn. Ilá náà fi ìró tó jọ u bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wọn. Olùwádìí tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ yóò kọ u sí méjèèjì, torí u kan ṣoṣo ni etí rẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ [ulé] ni ti àkọ́kọ́, [ʊlá] ni ti èkejì: ahọ́n rẹlẹ̀ díẹ̀ fún [ʊ], ìró náà sì fẹ́ sún mọ́ o. Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni: bí o bá kọ ulá lónìí, tí o kọ olá lọ́la fún ọ̀rọ̀ kan náà, etí rẹ ti gbọ́ ìró kẹta tí ọwọ́ rẹ kò ní lẹ́tà fún.

Bí olùwádìí náà bá dàkọ wọn kínníkínní, tó sì to ọ̀rọ̀ jọ, yóò rí i pé fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu: [u] níwájú e àti o, [ʊ] níwájú ẹ, ọ àti a. Ìgbà yẹn ló tó lè kọ u kan fún méjèèjì, kí ó sì kọ òfin náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Tó bá wá kan ìtàn àti àlọ́, gbòòrò ni kó lò. Ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti ìwé, máa ń gbéra láti ìsàlẹ̀ kó tó dé òkè. A mọ èyí tẹ́lẹ̀, kò yẹ ká máa yà á sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú ìtàn gígùn, àárẹ̀ adàkọ a máa dà bí ìyàtọ̀ ẹnu asọ̀rọ̀. Kí ó tún ojú ewé kan dà kọ láti inú ohùn tó gbà sílẹ̀, láìwo ti tẹ́lẹ̀: ibi tí méjèèjì kò ti bára mu, kò lè fi ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n bí [u] bá yọjú níwájú a láàárín ìtàn, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà kínníkínní sí etí ìwé, kí ó sì bi ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé òfin rẹ̀ kò pé, ó sì lè jẹ́ pé asọ̀rọ̀ ń tún ẹnu ṣe nítorí àlejò.